Ìṣúná bó-bá-ṣe-pé: ètò owó ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ ohun tó máa wọlé

Ìṣúná kan wà tí ẹgbẹ́ tí kò tíì mọ owó tó máa wọlé máa ń kọ ní ojú mẹ́ta: èyí tó dára jù, èyí tó burú jù, àti ti àárín. Àwọn kan ń pè é ní "bọ́jẹ́ẹ̀tì sìnáríò". Mo ti rí i nínú ìwé ìpàdé, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn akápò, kò sì tíì sí ẹni tó sọ fún mi ohun tí sìnáríò wá ṣe níbẹ̀. Ẹlòmíì ní òun kò fẹ́ yá ọ̀rọ̀, ló bá sọ ọ́ di "ìṣúná alásọtẹ́lẹ̀". Èyí ló ń bí mi nínú jù. Alásọtẹ́lẹ̀ a máa sọ ohun tí yóò ṣẹ. Ẹni tó ń ṣe irú ìṣúná yìí ń jẹ́wọ́ pé òun kò mọ èyí tí yóò ṣẹ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tó fi kọ mẹ́ta. Bó bá mọ̀ ni, ì bá kọ ẹyọ kan kó lọ sùn. Àwọn kẹta ní "ìṣúná onípele mẹ́ta". Ìyẹn dùn létí, àmọ́ ìpele ń jẹ́ kéèyàn rò pé nǹkan kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, pé ọ̀kan kàn ga ju èkejì lọ ni.

Èmi ń pè é ní ìṣúná bó-bá-ṣe-pé. Wọ́n ní ó gùn, wọ́n ní kò jọ ọ̀rọ̀ inú ìwé. Ó gùn lóòótọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹnu kò lè pè é kó dákẹ́ síbẹ̀. Bó bá ṣe pé kí ni? Ẹni tó ń kọ ọ́ ní láti parí gbólóhùn náà kó tó kọ nọ́ńbà kankan: bó bá ṣe pé olùrànwọ́ wa àtijọ́ kò tún àdéhùn ṣe, bó bá ṣe pé ó tún un ṣe, tí ẹni tuntun tí a kọ̀wé sí sì kọ̀. Níbi tí kò bá ti sí irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ lókè, ẹ má ka ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Ẹ ó dá ayédèrú rẹ̀ mọ̀ kíá. Ẹni tó gbà pé ìpele ni ọ̀rọ̀ náà a mú ìṣúná àárín, a fi ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún kún gbogbo rẹ̀, a pè é ní èyí tó dára jù. A tún yọ ìdá ogún kúrò, a pè é ní èyí tó burú jù. Ẹ wo ìlà owó ilé nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ó rí i pé owó ilé ti dínkù. Ta ló bá onílé sọ̀rọ̀? Owó ilé kì í dínkù nítorí pé olùrànwọ́ kan ní òun ò ṣe mọ́, bẹ́ẹ̀ ni olùrànwọ́ kì í sábà fi ìdá ogún dín owó rẹ̀ kù. Nínú kó fún wa tàbí kó má fún wa, ọ̀kan ni yóò ṣe. Orí èyí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹgbẹ́ kan ṣe é. Mi ò ní dárúkọ irú owó. Ẹ ka ẹyọ kọ̀ọ̀kan sí ẹgbẹ̀rún kan nínú irú èyí tí ẹ bá ń ná. Ẹgbẹ́ yìí ń ná 600 lọ́dún. Olùrànwọ́ àkọ́kọ́ ti fọwọ́ sí 240, àmọ́ ó ti dárúkọ iṣẹ́ mọ́ ọn, a kò sì lè fi san ohun mìíràn. Owó ọmọ ẹgbẹ́ àti ẹ̀bùn kéékèèké máa ń tó 90. Olùrànwọ́ kejì, tó ti ń bá wa bọ̀ tipẹ́, lè tún àdéhùn 180 ṣe, èyí tí a máa ń fi san owó oṣù àti owó ilé. Òpin oṣù kẹta ló ní òun yóò fèsì. Ẹni tuntun kan wà tí a béèrè 120 lọ́wọ́ rẹ̀. Owó ìpamọ́ tiwa jẹ́ 150.

Níbí yìí ni mo ti ń bá àwọn tó ń pe ojú àárín ní "èyí tí à ń retí" jà. Nínú èdè wa, ohun téèyàn ń retí ni ohun tó fẹ́ kó dé. Ẹ bi ìgbìmọ̀ pé kí ni wọ́n ń retí, wọn ó sọ ìfẹ́ inú wọn fún yín, akápò á kọ ọ́ sílẹ̀, ó di ìṣúná. Mo ń pè é ní "èyí tó súnmọ́ òótọ́ jù", kí ẹni tó fẹ́ kọ nǹkan síbẹ̀ lè mọ̀ pé wọ́n máa bi òun ní ẹ̀rí.

Ẹ̀tàn mìíràn tún wà níbẹ̀, tí àwọn tó mọ ìṣirò gan-an ń bọ́ sí. Wọ́n á ní ìdá àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ni pé olùrànwọ́ kejì á gbà, nítorí náà kí á kọ 126 dípò 180. Ìdá ọgbọ̀n ni ti ẹni tuntun, kí á kọ 36 dípò 120. Àpapọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú 240 àti 90 á jẹ́ 492. Ìṣirò náà tọ́, àmọ́ 492 kì í ṣe owó tó lè wọlé láéláé. Bí àwọn méjèèjì bá kọ̀, 330 ni. Bí olùrànwọ́ kejì nìkan bá gbà, 510. Bí ẹni tuntun nìkan bá gbà, 450. Bí àwọn méjèèjì bá gbà, 630. Kò sí ọ̀nà karùn-ún. Ẹni tó ń kọ̀wé sí olùrànwọ́ ogójì lè fi ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, torí púpọ̀ wọn a máa bo àṣìṣe ara wọn. Ẹni tó ní méjì kò lè ṣe é. Ojú àárín tiwa ni kí olùrànwọ́ kejì gbà kí ẹni tuntun kọ̀: 510. Bí a bá tẹ̀lé ìdá tí wọ́n fún wa, àti bí ìdáhùn ẹnì kan kò bá ní í ṣe pẹ̀lú ti èkejì, òun nìkan ló ní nǹkan bí ìdajì ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Ìdá tí 450 yẹn ní láti ṣẹlẹ̀ kéré jù láti fi àkókò ṣòfò lé lórí.

Èyí tó burú jù ni kí àwọn méjèèjì kọ̀, kí owó ọmọ ẹgbẹ́ sì já sí 60. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ọ́ gbà pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ iye tí a máa fi kúrú. Rárá o. Ọjọ́ là ń wá níbẹ̀. Awakọ̀ tírélà tó kó ẹrù kún, tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, kì í dúró síbi tó ti tẹ bírékì. Ọkọ̀ náà á ṣì sáré lọ ná kó tó dúró. Bó bá di ìgbà tó rí kòtò kedere kó tó tẹ̀ ẹ́, inú kòtò ni yóò ti dúró. Ẹgbẹ́ náà kì í dúró lójijì: ẹni tí a fẹ́ dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ pé kí ìwé ìdádúró tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní oṣù méjì ṣáájú, a ó sì máa san owó oṣù rẹ̀ títí ìwé náà yóò fi pé.

Ẹ jẹ́ ká wá ọjọ́ náà. Yàtọ̀ sí iṣẹ́ olùrànwọ́ àkọ́kọ́ tó ń gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, à ń ná 30 lóṣù. Owó ọmọ ẹgbẹ́ ń mú 5 wọlé. A ń fi 25 kúrú lóṣù. Owó ìpamọ́ jẹ́ 150, àmọ́ ìgbìmọ̀ ti ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan 50 nínú rẹ̀, torí òun ni wọn yóò fi san ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ àti gbèsè bí gbogbo rẹ̀ bá dópin. Ó ku 100, oṣù mẹ́rin péré. Yọ oṣù méjì ìwé kúrò: òpin oṣù kejì ni ìwé ìdádúró gbọ́dọ̀ jáde. Òpin oṣù kẹta sì ni olùrànwọ́ tó máa fèsì! A ó ti kọ̀wé fún àwọn ènìyàn wa kí a tó mọ̀ bóyá ó yẹ ká kọ ọ́.

Kò sí ibòmíràn tí nọ́ńbà yìí ti lè hàn ju ojú burúkú lọ, bó bá sì hàn nígbà tí ọdún ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ó ní àtúnṣe. Ipò kan tó ṣófo, kí a má fi ènìyàn sí i. Ìrìn àjò, kí a dín in kù. Ẹ jẹ́ ká ní ìyẹn fi 5 pamọ́ lóṣù láti oṣù kìíní. Ohun tí a fi ń kúrú di 20, 100 di oṣù márùn-ún, ọjọ́ ìwé sì sún sí òpin oṣù kẹta, ọjọ́ kan náà pẹ̀lú èsì. Ó ṣì há, nítorí náà kí á bẹ olùrànwọ́ pé kó fèsì ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Bí a bá fi ìṣirò yìí hàn án, á yé e ju ẹ̀bẹ̀ lásán lọ. Kí ìgbìmọ̀ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé nísinsìnyí pé bí èsì kò bá dé ní kíkọ títí di ọjọ́ náà, a ti kà á sí "rárá". "Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ń bọ̀" lórí fóònù kì í ṣe èsì.

Ohun tó máa ń mú kí wọ́n má gbà pé ọjọ́ náà ti tó ni ìwé báńkì. Ní òpin oṣù kejì, báńkì ń fi 190 hàn, ẹnì kan á sì ní kí ló dé tí ẹ ń dẹ́rù ba ènìyàn. Àmọ́ olùrànwọ́ àkọ́kọ́ ti san ìdajì owó rẹ̀, 120, lẹ́ẹ̀kan náà. A ti ná 40 níbẹ̀, 80 tó kù kì í ṣe tiwa. Ó ku 110. Yọ 50 tí a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: 60. Oṣù mẹ́ta ni 60 jẹ́, bí a bá ń fi 20 kúrú.

Ojú tó dára jù kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìdẹkùn kan. Ẹni tuntun gbà, 630 wọlé, gbogbo ènìyàn ń rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ tó ní kí a fi 120 rẹ̀ ṣe yóò ná wa ní 110, nítorí náà 10 péré ló kù tí a lè fi gbé ohun mìíràn. Ó sì tún ní ẹ̀yìn tí a bá ti ná an ni òun yóò tó san án padà, ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, lẹ́yìn tó bá ti yẹ ìròyìn wò. Iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin, ó ń ná bíi 12 lóṣù. Kí a tó kọ ìròyìn àkọ́kọ́, 36 ti jáde. Bí wọ́n bá lo oṣù kan láti yẹ̀ ẹ́ wò, 48 ti jáde nínú owó ìpamọ́ wa, nígbà tí ojú àárín ṣì ní 48 yẹn lọ́wọ́. Owó ìkẹyìn rẹ̀ gan-an, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò wọlé. Mo máa ń sọ fún àwọn akápò pé kí wọ́n ṣírò ojú dáradára yìí ní oṣù kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ní àpapọ̀ ọdún, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ bóyá ó lè san ti oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ṣáájú. Àwọn mìíràn máa ń gbà.