Bùlọ́ọ̀ṣì kì í ṣe òjìji: ọ̀rọ̀ lórí ojú fífẹ̀ àti ojú pẹrẹsẹ

Kò sí àsìkò ìgbéyàwó kan ní Ìlọrin tí èmi aṣaralóge kì í gbọ́ ìmọ̀ràn lórí bùlọ́ọ̀ṣì, àwọ̀ tí a ń kùn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìyàwó á jókòó síwájú mi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin á dúró tì í, á sì ní kí n kun bùlọ́ọ̀ṣì sí kòtò abẹ́ eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ojú rẹ̀ tó fẹ̀ lè dín kù. Bí ó bá jẹ́ pé ojú pẹrẹsẹ ni ìyàwó náà ní, wọn á ní kí ó rẹ́rìn-ín, kí n wá kùn ún sórí ibi tó bá yọ róbótó. Ìmọ̀ràn méjèèjì yìí ti di òfin lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ó sì ń dùn mí, nítorí pé ojú ìyàwó ni ó ń bàjẹ́, àwòrán ọjọ́ náà kò sì ṣeé tún yà.

Gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó ṣókùnkùn máa ń dà bí ẹni pé ó wọnú, tí ohun tó mọ́lẹ̀ sì máa ń yọ síta. N kò ní í fi àkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ṣìnà ni pé wọ́n rò pé bùlọ́ọ̀ṣì wà lára ohun tó ṣókùnkùn. Pọ́dà aláwọ̀ ilẹ̀ tí kì í dán, tó fi díẹ̀ dúdú ju awọ ara lọ, èyí tí àwa aṣaralóge ń pè ní kọ́ńtọ̀, ni a fi ń ṣe iṣẹ́ òjìji. Iṣẹ́ àwọ̀ ni bùlọ́ọ̀ṣì ń ṣe ní tirẹ̀: ó ń fara jọ ẹ̀jẹ̀ tó sáré wá sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, pupa ni ojú ẹni tó ń woni sì kọ́kọ́ máa ń bá. Bí a bá wá gbé pupa yìí sínú kòtò tí a fẹ́ kí ó fara sin, a ti pe gbogbo ayé wá wo ibẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwa tí awọ wa dúdú, ibí yìí gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi dé. Lára awọ tó funfun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo bùlọ́ọ̀ṣì ló ṣókùnkùn ju awọ náà lọ, nítorí náà, bí wọ́n bá kùn ún sí kòtò ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó lè ṣe díẹ̀ lára iṣẹ́ òjìji. Lára awọ dúdú, bùlọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ òdòdó tàbí aláwọ̀ ọsàn tó rẹ̀ dòdò mọ́lẹ̀ ju awọ lọ. Ohun tó mọ́lẹ̀ ni a ń kùn sínú kòtò yẹn, kòtò náà á sì yọ síta dípò kí ó wọnú. Ẹni tó fẹ́ kí ojú òun tínrín ti mú un fẹ̀ sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀.

Ẹ lè dán an wò pẹ̀lú fóònù yín. Ẹ ya ojú náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ sì yí àwòrán náà sí dúdú àti funfun. Ohun tó bá pòórá nínú rẹ̀, àwọ̀ lásán ni. Ohun tó bá ṣì ṣókùnkùn ni òjìji. Ohun tó bá wá mọ́lẹ̀ ju ara tó yí i ká lọ, òun ni ó ń yọ síta.

Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn fún ìyàwó kan ní Gàá Àkàńbí, tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní ìsàlẹ̀, níbi párì. Àbúrò ìyá rẹ̀ kò gbà fún mi rárá, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n pín ojú náà sí méjì. Ní apá òsì, mo kun bùlọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ òdòdó tí wọ́n mú wá láti etí títí dé itòsí ẹnu, nínú kòtò. Ní apá ọ̀tún, mo lo pupa tó jinlẹ̀ bí àwọ̀ bíríkì, mo bẹ̀rẹ̀ lórí eegun ẹ̀rẹ̀kẹ́, ní ìsàlẹ̀ igun òde ojú, mo fi ìka méjì jìnnà sí imú, mo sì fa bọ́rọ́ọ̀ṣì náà gòkè lọ síhà ẹ̀bátí títí tó fi rọra parẹ́. Ìlà kọ́ńtọ̀ tín-ín-rín kan ni mo fi sábẹ́ rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí a yí àwòrán rẹ̀ sí dúdú àti funfun, ọ̀já kan tó mọ́lẹ̀ gba apá òsì kọjá bí ẹni pé ìyẹ̀fun ta sí i, àmọ́ pupa apá ọ̀tún fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́, ìlà kọ́ńtọ̀ nìkan ló dúró. Àbúrò ìyá náà wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ẹ nu ti òsì yẹn kúrò."

Ti ẹ̀rín rírín kò gùn tó bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá rẹ́rìn-ín, iṣan tó ń fa igun ẹnu máa ń ti ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ gòkè. Bí ó bá dákẹ́, ẹran náà á padà sísàlẹ̀. Ẹ fi pẹ́ńsùlù funfun sàmì sí ibi tó ga jù nígbà ẹ̀rín, kí ẹ sì wo ibi tí yóò wà lẹ́yìn ẹ̀rín: ó máa ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, nígbà mìíràn títí dé ẹ̀gbẹ́ ihò imú. Àwọ̀ tó bá wà níbẹ̀ máa ń fa ojú wálẹ̀, ó sì máa ń kún àárín ojú, èyí tí ojú pẹrẹsẹ kò fẹ́ rárá. Ohun tó ń gbé irú ojú bẹ́ẹ̀ sókè ni pọ́dà díẹ̀ tó mọ́lẹ̀ lórí eegun, bùlọ́ọ̀ṣì ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, àti kọ́ńtọ̀ lábẹ́ àwọn méjèèjì, kí ọ̀kan wọ inú èkejì láìsí ìlà láàárín. (Bí ó bá jẹ́ ìyá tó ní ilà ojú ni, ẹ yẹra fún pọ́dà tó ń dán, nítorí pé etí ilà náà ni yóò gbé síta.)

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ìlú wa. Híjáàbù tí ìyàwó máa wé lọ síbi yìgì máa ń bo ẹ̀bátí àti párì. Bí a bá ti fa bùlọ́ọ̀ṣì títí dé ẹ̀bátí kí a tó wé e, ìrù rẹ̀ tó yẹ kí ó gbé ojú gòkè ti wọ abẹ́ aṣọ, ìdí rẹ̀ nìkan ló kù, gbàgìdì bí àmì ìgbátí. Nítorí náà, mo máa ń fi híjáàbù náà sí i ná, kí n mọ ibi tí etí rẹ̀ dé, kí n sì parí àwọ̀ náà ní nǹkan bí ìbú ìka kan kí ó tó kan aṣọ.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, n kò lè búra pé ojú kankan yóò tínrín. Bí ó bá ṣe dáadáa jù lọ, ó ń yí ibi tí ojú òǹwòran ń sinmi lé padà, pàápàá nínú àwòrán tí a yà láti iwájú. Bí ìyàwó bá yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí tí oòrùn ọ̀sán bá dúró sí àtàrí, òjìji tirẹ̀ gan-an yóò bo tiwa mọ́lẹ̀. Iná fóònù tí wọ́n tàn láti iwájú náà máa ń pa òjìji run, ojú á sì tún padà di pẹrẹsẹ. Ẹni tó bá ń ta bùlọ́ọ̀ṣì fún yín pé ó ń dín ojú kù, ẹ má fowó yín fún un nítorí ìyẹn.

Ẹ sì ṣọ́ra fún kíkùn kún un. Bí òógùn bá ti bẹ̀rẹ̀ níbi àpèjẹ, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó á gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì, wọn á máa fi pupa lé pupa. Ẹ fi tíṣù tẹ òógùn náà gbẹ ná, ẹ má nù ún. Pọ́dà tí a bá kùn lé òógùn lórí máa ń dì, àbààwọ́n tó bá sì ti dì sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò ṣeé pín ká mọ́. Àfi kí a nu gbogbo apá ibẹ̀ kúrò, kí a tún bẹ̀rẹ̀ láti fáńdéṣọ̀n, nígbà tí àwọn àlejò ti jókòó tí wọ́n ń dúró de ìyàwó.