Èlé ọdún kẹta tó fara pamọ́ sínú èlé ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta

Bí wọ́n bá kọ ọ́ síta pé owó tí a bá fi sílẹ̀ fún ọdún méjì ń gba èlé 16% lọ́dọọdún, tí ti ọdún mẹ́ta sì ń gba 17%, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé ọdún kẹta yẹn ló ń mú 17% wá. Àwọn mìíràn á ní ẹni tó fi ọdún kan kún un kàn jèrè 1% lásán ni. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n èkejì ló ń dunni jù, torí ó ń mú kí ènìyàn fi èrè gidi sílẹ̀ lójú ara rẹ̀. Pẹ̀lú iye méjì tí wọ́n kọ síta yìí, ọdún kẹta ń san ju 19% lọ.

Ká sọ pé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní mílíọ̀nù kan náírà tí wọn kò ní fọwọ́ kàn kí ọdún mẹ́ta tó pé. Akọ̀wé ní kí wọ́n gba ti ọdún méjì, kí wọ́n tún wá yẹ ọjà wò nígbà tó bá pé. Akápò ní ti ọdún mẹ́ta ni kí wọ́n gbà lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ̀yin akápò, nítorí ìdá kan ṣoṣo?"

"Ìdá kan yẹn kò dá dúró, ẹ̀yin akọ̀wé. Ó wọ ọdún kìíní, ó wọ ọdún kejì, ó tún wọ ìkẹta."

Akápò ti fọwọ́ kan ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Iye tí wọ́n ń kọ síta, ìpíndọ́gba ni. 16% jẹ́ ti ọdún méjì tó bẹ̀rẹ̀ lónìí, 17% sì jẹ́ ti ọdún mẹ́ta tó bẹ̀rẹ̀ lónìí kan náà. Ẹ jẹ́ ká pe irú iye bẹ́ẹ̀ ní èlé òní: owó jáde lọ́wọ́ ẹni lónìí, kò sì sí kọ́bọ̀ kan tó padà wá títí ọjọ́ yóò fi pé, tí gbogbo rẹ̀ yóò dé lẹ́ẹ̀kan. Èlé tí a ń wá, tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní òpin ọdún kejì, tí yóò sì parí ní òpin ọdún kẹta, ni a ó pè ní èlé iwájú. Kò sí ẹni tó kọ ọ́ síta níbì kankan, síbẹ̀ kò sí ibi tó lè sá sí, nítorí iye méjì tó wà níta ti ká a mọ́.

Ẹ wo àgbẹ̀ kasú kan lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́, àpò 16 ni òun ń kó lọ́dún ní ìpíndọ́gba. Nígbà tí ọdún kẹta parí, ó ní ìpíndọ́gba ti di 17. Àpò mélòó ló kó lọ́dún kẹta? Ọdún méjì fún un ní àpò 32, ọdún mẹ́ta fún un ní 51. Àpò 19 ló kó. Bó bá ṣe pé 17 ló kó lọ́dún náà, àròpọ̀ ì bá jẹ́ 49, ìpíndọ́gba kò sì ní ju 16 àti díẹ̀ lọ. Kí ìpíndọ́gba tó lè gòkè láti 16 sí 17, ọdún tó dé kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ga ju 17 fúnra rẹ̀ lọ dáadáa, torí òun nìkan ló ń fa ọdún méjì tó ti kọjá gòkè. Bákan náà ni bó bá ń lọ sísàlẹ̀. Bí àgbẹ̀ náà bá ní ìpíndọ́gba ti di 15, àpò 45 ni gbogbo rẹ̀, àpò 13 péré ló sì kó lọ́dún kẹta. Ìpíndọ́gba kàn rọra sún ní ìdá kan ni, ṣùgbọ́n ọdún tó sún un ti já wálẹ̀ ní ìdá mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá ń wo ìpíndọ́gba nìkan fi máa ń pẹ́ kó tó mọ̀ pé ọjà ti yí.

Èlé yàtọ̀ sí kasú ní ibì kan: èlé ń gun orí èlé. A kì í ro ọdún pọ̀ mọ́ ọdún, ìsọdipúpọ̀ ni. Mílíọ̀nù kan ní 16% fún ọdún méjì á di ₦1,345,600. Mílíọ̀nù kan ní 17% fún ọdún mẹ́ta á di ₦1,601,613. Èlé iwájú ni iye tó gbọ́dọ̀ gbé owó àkọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ owó kejì láàárín ọdún kan. Ẹ jẹ́ ká pe èlé iwájú ní f, èlé òní ọdún méjì ní s2, ti ọdún mẹ́ta ní s3:

```
f = (1 + s3)^3 / (1 + s2)^2 - 1
f = 1.601613 / 1.3456 - 1 = 0.1903
```

19.03% ni. Ọ̀nà ti kasú fún wa ní 19, ti èlé orí èlé sì fi díẹ̀ lé e. Ẹni tó bá fẹ́ fi orí ṣírò lè sọ 17 di ìlọ́po mẹ́ta, kó yọ ìlọ́po méjì 16 kúrò, kò ní jìnnà sí òtítọ́ bí iye méjèèjì bá sún mọ́ra.

Títí dé ibí, ìṣirò lásán ni. Ohun tó sọ ọ́ di èlé gidi ni pé ènìyàn lè dì í mú lónìí, láìdúró de ọdún kejì. Ká ní ilé-iṣẹ́ kan mọ̀ pé owó ńlá yóò wọlé fún òun ní òpin ọdún kejì, ó sì fẹ́ mọ̀ láti òní èlé tí yóò rí lórí rẹ̀ fún ọdún kan. Kò nílò kí báńkì kankan ṣe ìlérí fún un. Ó lè yá mílíọ̀nù kan lónìí fún ọdún méjì ní 16%, kó sì fi mílíọ̀nù kan náà síbi ọdún mẹ́ta ní 17% lójú ẹsẹ̀. Lónìí, kò sí kọ́bọ̀ tó kúrò lápò rẹ̀: èyí tó wọlé ni èyí tó jáde. Ní òpin ọdún kejì, yóò fi owó tó wọlé fún un san gbèsè ₦1,345,600. Ní òpin ọdún kẹta, yóò gba ₦1,601,613. Bí a bá wò ó dáadáa, ẹni tó san owó jáde ní òpin ọdún kejì tó sì gbà á padà lọ́dún kan lẹ́yìn náà pẹ̀lú ₦256,013 lórí rẹ̀, owó ọdún kan ló yáni yẹn, ní 19.03%. Àdéhùn méjì tó ti wà lọ́jà ló fi kọ́ àdéhùn kẹta tí kò sí lọ́jà. Ibi tí ọgbọ́n ètò yìí wà nìyí: kò béèrè pé kí ẹnikẹ́ni mọ ọ̀la.

Òun náà ni kò jẹ́ kí iye mìíràn lè dúró. Ká ní ẹnìkan ṣe tán lónìí láti ṣàdéhùn pé òun yóò yáni lówó fún ọdún kẹta yẹn ní 18%. Ẹlòmíràn á yá mílíọ̀nù kan fún ọdún méjì, á fi síbi ọdún mẹ́ta, nígbà tí gbèsè ọdún méjì bá sì pé, á fi owó olówó 18% yẹn san án. Ní òpin ọdún kẹta, ₦1,587,808 ni yóò jẹ ẹ́, ₦1,601,613 sì ni yóò wọlé fún un. ₦13,805 ti ṣẹ́ kù láìfi kọ́bọ̀ tirẹ̀ sí i. Ẹni tó bá ní òun yóò yá owó lọ́wọ́ ẹlòmíràn fún ọdún kẹta yẹn ní 20% náà kò ní bọ́, ọ̀nà kan náà ni wọn yóò gbà jẹ ẹ́, kìkì pé wọn yóò dorí rẹ̀ kodò. Lóòótọ́, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Ògbómọ̀ṣọ́ kò lè ṣe èyí. Iye tí báńkì yóò fi yá wọn lówó kò ní rí bí iye tí yóò san fún wọn. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá tí iye méjèèjì sún mọ́ra fún ni wọ́n ń ṣe é, ìyàtọ̀ tó kù láàárín iye méjèèjì náà ló sì fà á tí èlé iwájú tòótọ́ fi máa ń jẹ́ àlàfo tóóró dípò ẹyọ nọ́ńbà kan.

Àṣìlò kan tún wà tó gbòde. Ẹni tó bá ṣírò 19.03% tán á ní, "Ọjà ti sọ pé èlé ọdún kan yóò jẹ́ 19.03% ní ọdún méjì sí i." Ọjà kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi owó rẹ̀ há fún ìgbà pípẹ́ máa ń béèrè owó ìfaradà, owó yẹn sì wà nínú 19.03% láìsí ẹni tó lè fojú yà á sọ́tọ̀. Ohun tí nọ́ńbà náà jẹ́ gan-an ni ibi tí ọ̀nà méjèèjì ti dọ́gba. Bí akọ̀wé bá gba ti ọdún méjì, tó sì rí ju 19.03% fún ọdún kan tó kù, òun ló jàre. Bó bá rí 17%, tó dà bí iye tó dára létí, ₦1,574,352 ni ẹgbẹ́ yóò ní, wọ́n sì ti pàdánù ₦27,261. Ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n jókòó lé lórí, yàtọ̀ sí bóyá 1% tó nǹkan, ni bóyá wọ́n gbà pé èlé ọdún kan lè ju 19% lọ nígbà náà.

Kó tó di pé wọ́n ṣe ìṣirò yìí, kí wọ́n yẹ irú iye tó wà lọ́wọ́ wọn wò. Bọ́ǹdù ìfowópamọ́ ìjọba àpapọ̀, èyí tí DMO, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó gbèsè orílẹ̀-èdè, ti ń tà láti 2017, ní ti ọdún méjì àti ti ọdún mẹ́ta, ₦5,000 sì ni owó tó kéré jù tí ènìyàn lè fi bẹ̀rẹ̀. Ó dà bíi pé ohun tí a ń wá gan-an nìyí, ṣùgbọ́n oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀. Apá kan owó náà ti padà wá kí ọjọ́ tó pé, nítorí náà iye tí wọ́n kọ sí i kì í ṣe èlé òní. Ká ní èlé òní ọdún kan jẹ́ 15%, ti ọdún méjì 16%, ti ọdún mẹ́ta 17%. Bọ́ǹdù tó ń san èlé lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń tà ní iye orí rẹ̀, yóò kọ bíi 15.93% fún ọdún méjì àti 16.79% fún ọdún mẹ́ta. Ẹni tó bá ki àwọn wọ̀nyí bọ inú ìṣirò wa láìkọ́kọ́ yọ èlé òní jáde, láti orí ọdún kìíní lọ sókè, yóò rí nǹkan bíi 18.5%. Ìdajì ìdá kan ti ṣòfò.

Àṣìṣe kékeré kì í sì í dúró ní kékeré níbí. Bí èlé ọdún mẹ́ta bá yẹ̀ láti 17% sí 17.1%, èlé iwájú á fò láti 19.03% sí 19.33%, ìlọ́po mẹ́ta. Nítorí náà, bí èlé iwájú bá ń ta gíẹ́gíẹ́ láti ọdún dé ọdún nígbà tí èlé òní ń lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, iye tí a kó wọlé ni kí a kọ́kọ́ fura sí. Bó bá wá bọ́ sábẹ́ òdo, ìyẹn ni pé mílíọ̀nù kan fún ọdún mẹ́ta kò tó ₦1,345,600 tí ọdún méjì ti fúnni. Ní ti 16% wa, ó di ìgbà tí èlé ọdún mẹ́ta bá wálẹ̀ ju bíi 10.4% lọ. Lórí owó náírà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè di owó rẹ̀ mú láìyá ẹnikẹ́ni, ẹni tó bá rí irú rẹ̀ ti ka nọ́ńbà kan sódì.