Pátákó “ILE 600K”: ìbéèrè yín àti ìdáhùn rẹ̀

Mo rí pátákó lójú ọ̀nà Kábà, ó ní “ILE 600K”. Ṣé ilé ni wọ́n ń tà ni?

Rárá, ilẹ̀ ni. Ẹni tó kọ ọ́ kò fi àmì sí i, “ilé” ni ojú sì kọ́kọ́ ń kà. Ká tiẹ̀ ní ó fi sí i, àmì abẹ́ lẹ́tà kì í hàn dáadáa sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré. Kí akọ̀wé pátákó yẹra fún ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé àmì ló gbé ìtumọ̀ rẹ̀ ró. “PULOOTI” sàn jù: bí gbogbo àmì rẹ̀ bá bọ́, èèyàn ò ní kà á sí nǹkan mìíràn.

Kí ló dé tí wọn ò kọ gbogbo ohun tó yẹ ká mọ̀ síbẹ̀?

Àyè ò gbà á. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ti lọ tó mítà 67 láàárín ìṣẹ́jú àáyá 3. Kí ìwé tó lè rọrùn kà, lẹ́tà gbọ́dọ̀ ga tó íǹṣì 1 fún ẹsẹ̀ bàtà 10 kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín ojú àti pátákó. Ẹni tó bá ṣì jìnnà ní ẹsẹ̀ bàtà 200, ìyẹn bíi mítà 60, lẹ́tà íǹṣì 20 ló máa rí kà. Pátákó tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 kò ju íǹṣì 120 lọ. Ìlà mẹ́ta á gba 60 nínú rẹ̀, àlàfo ló ni ìyókù. Bí ẹ bá fi ìlà kẹrin kún un, àlàfo tó ń jẹ́ kí ojú ya ìlà kan sọ́tọ̀ sí èkejì ti ń tán. Bó ṣe yẹ kí wọ́n kọ ọ́ nìyí, dúdú lórí yẹ́lò:

PULOOTI KABA
50 × 100
₦600,000

Nọ́ńbà fóònù ńkọ́?

Kò sẹ́ni tó máa há nọ́ńbà 11 sórí kí ọkọ̀ tó kọjá.

Ṣé 600K yẹn ni màá san tán?

Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀ láìbéèrè. Owó sọ́fè, owó ìwé àti owó ojú ọ̀nà inú ilẹ̀ lè wà lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ ní kí wọ́n kọ àpapọ̀ rẹ̀ sórí ìwé. Ẹ tún bi wọ́n bí pulọ́ọ̀tì náà ṣe tóbi tó. 50 × 100 ẹsẹ̀ bàtà jẹ́ nǹkan bíi 465 mítà onígun mẹ́rin, bíi ₦1,290 sì ni mítà kan á bọ́ sí. Bí tiwọn bá jẹ́ 300, ₦2,000 ni. Pulọ́ọ̀tì ni àwọn méjèèjì ń jẹ́ lẹ́nu olùtajà.

Kí ló yẹ kí n bẹ̀rù jù?

Ilẹ̀ ẹbí. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ẹbí ṣe, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè, kí ẹ mú un lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.