Áàpù fíìmù ń já lẹ́yìn ọ́pídéètì? Ẹ má tíì rísẹ́ẹ̀tì tẹlifíṣọ̀n yín

Ní Adó-Èkìtì níbi tí mo ti ń tún fóònù àti tẹlifíṣọ̀n ṣe, ẹjọ́ kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníbàárà: "Ó ṣiṣẹ́ lánàá, ó ṣe ọ́pídéètì lóru, kò ṣí mọ́." Ti ẹlòmíì, àmì áàpù náà á yọ, kó tó di pé ẹ jókòó dáadáa, ó ti padà sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ti ẹlòmíì, fíìmù á bẹ̀rẹ̀, àwòrán á dúró gbagidi, ohùn á ṣì máa lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti pinnu nílé ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe: "Ẹ bá mi rísẹ́ẹ̀tì ẹ̀." Mo máa ń ní kí wọ́n mú sùúrù ná. Bó bá jẹ́ pé inú ẹ̀yà tuntun áàpù yẹn ni àléébù wà, rísẹ́ẹ̀tì ò lè yọ ọ́, torí ẹ̀yà tuntun yẹn gan-an ni Play Store máa tún gbé wá fún yín tí ẹ bá parí. Gbogbo nǹkan yòókù á ti lọ, áàpù á ṣì máa já.

Ìbéèrè mi àkọ́kọ́ ni pé, ṣé áàpù kan ṣoṣo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ àbí wọ́n pọ̀? Bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ara ẹ̀rọ yá, áàpù yẹn la máa bá wí. Bí áàpù bíi mẹ́rin bá jọ ń já lọ́jọ́ kan náà, ẹ wo ohun tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, áàpù Gmail àti ọ̀pọ̀ mìíràn kàn ń já lórí fóònù Android káàkiri ayé. Kò sí èyí tó ṣẹ̀ nínú wọn. Android System WebView ló fà á, ìyẹn ẹ̀yà kan tó fara pamọ́ sínú fóònù, tí àwọn áàpù ń lò láti fi ojú ewé íńtánẹ́ẹ̀tì hàn nínú ara wọn. Òun ló ní àléébù. Àwọn tó mọ̀dí ẹ̀ wọ inú Play Store, wọ́n yọ ọ́pídéètì WebView kúrò, àwọn áàpù sì padà bọ̀ sípò. Kò pẹ́ tí Google fi gbé àtúnṣe jáde. Ẹni tó ń nu Gmail nù lọ́jọ́ yẹn kàn ń da ara rẹ̀ láàmú ni.

Ẹ jẹ́ ká wá mú ti ẹyọ kan, torí òun ló wọ́pọ̀ jù. Màmá kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkéré, ní tẹlifíṣọ̀n Android kan. Áàpù tí wọ́n fi ń wo fíìmù Yorùbá ń já lẹ́yìn ọ́pídéètì, YouTube sì ń ṣiṣẹ́ geerege. Ẹnì kan ti ní kí wọ́n sanwó rísẹ́ẹ̀tì. Mo kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ wáyà tẹlifíṣọ̀n náà kúrò lára iná fún bí ìṣẹ́jú kan, torí rìmóòtù tí a fi ń pa á, ńṣe ló kàn ń mú un sùn. (Ẹ wo déètì àti aago náà lẹ́yìn tí iná bá ti lọ tó tún dé. Bí ọjọ́ bá ṣì sí ọdún mìíràn, áàpù lè máa pariwo pé kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ ó wà.) Kò yí padà. Mo wọ Settings, mo wo Storage: àyè tó kù kò tó mẹ́gábáìtì 200. Ọ̀pọ̀ irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ kì í ní ju gígábáìtì 8 lọ, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì ti jókòó lé èyí tó pọ̀ níbẹ̀. Áàpù tí ò ráyè kọ nǹkan sílẹ̀ á já ni.

Mo lọ sí Apps, mo mú áàpù náà, mo tẹ Force stop kó lè kú pátápátá, lẹ́yìn náà mo tẹ Clear cache. Àwọn àwòrán kéékèèké àti ẹrù ìgbà díẹ̀ tí áàpù kó pamọ́ kó lè tètè ṣí nìyẹn ń pa rẹ́. Kì í yọ yín kúrò nínú àkáǹtì yín, fíìmù tí ẹ ti gbà sílẹ̀ náà á ṣì wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́ láìbẹ̀rù. Àyè ṣí sílẹ̀, áàpù náà sì ṣí, àmọ́ bí Màmá ṣe tẹ orúkọ wọn, ó háńgì.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé inú àkọsílẹ̀ àtijọ́ ni wàhálà kù sí. Ẹ̀yà tuntun ń ka ohun tí ẹ̀yà àtijọ́ kọ, bí ìgbà tí télọ̀ bá gba ìwé ìwọ̀n tí ọ̀gá rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà kọ, tó wá ń gé aṣọ náà ní ínǹṣì. Clear data ló ń pa irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ rẹ́, lórí ẹ̀rọ mìíràn Clear storage ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú ìyẹn o: ó máa yọ yín kúrò nínú àkáǹtì, á sì pa gbogbo fíìmù tí ẹ gbà sínú áàpù náà rẹ́. Mo bi Màmá léèrè pásíwọọ̀dù. "Ọmọ mi tó wà ní Èkó ló bá mi ṣe é, èmi ò mọ̀ ọ́n." A pè é lórí fóònù ná, ó kà á fún wa, mo kọ ọ́ sílẹ̀, ìgbà yẹn ni mo tó tẹ Clear data. Áàpù ṣí, fíìmù lọ tààrà.

Ká ní ó kọ̀ ni, ǹ bá yọ áàpù náà kúrò, kí n tún un gbà láti Play Store, torí ọ́pídéètì tí iná tàbí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì já láàárín lè má wọlé dáadáa. Ẹ wo bó ṣe tóbi tó kí ẹ tó fi dátà yín gbà á. Èyí tó bá ẹ̀rọ wá láti ilé iṣẹ́ kì í ṣeé yọ, Uninstall updates lẹ máa rí, ó sì máa dá a padà sí ẹ̀yà tó bá ẹ̀rọ wá. Mo fẹ́ràn ìyẹn, torí bí ẹ̀yà àtijọ́ bá ṣiṣẹ́ tí tuntun kò ṣiṣẹ́, a ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Ẹ pa ọ́pídéètì aládàáṣe rẹ̀ nínú Play Store, kí ẹ dúró de àtúnṣe. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé ti aládùúgbò yín ń ṣiṣẹ́: àwọn tó ṣe áàpù lè fi ẹ̀yà tuntun ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn díẹ̀ kí ó tó kan gbogbo wọn.

Nígbà wo wá ni rísẹ́ẹ̀tì tọ́? Bí onírúurú áàpù bá ń já, tí àyè sì wà, tí WebView kò ní àléébù. Bí Settings fúnra rẹ̀ bá ń háńgì. Bí ẹ̀rọ bá ń kú tó ń jí fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ọ́pídéètì ẹ̀rọ gan-an, tí kò sì sí ọ́pídéètì mìíràn tó ń dúró. Bí ó bá ṣì ń kú tó ń jí lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì, tí ẹ ò tíì kó áàpù kankan sí i, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ inú irin rẹ̀ ni àìsàn wà.

Tó bá jẹ́ fóònù, ẹ kó fọ́tò yín síbòmíràn, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ mọ ímeèlì Google tó wà lórí rẹ̀ àti pásíwọọ̀dù rẹ̀. Lẹ́yìn rísẹ́ẹ̀tì tí a fi bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ fóònù ṣe, Android á béèrè ímeèlì yẹn gan-an tàbí ọ̀nà tí ẹ ń gbà ṣí fóònù náà tẹ́lẹ̀. Bí ẹ ò bá mọ èyíkéyìí nínú wọn, fóònù tó kàn ń já áàpù kan tẹ́lẹ̀ ò ní ṣeé wọ̀ rárá mọ́.