Ètò ìbánisọ̀rọ̀ fún tíìmù pírọ́jẹ́ẹ̀tì tí aago wọn ò bára mu

Ètò ìbánisọ̀rọ̀ ni ìwé tí àwọn tó jọ ń ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì kan fi ń fẹnu kò lórí ẹni tó yẹ kó gbọ́ nǹkan, ibi tó ti máa gbọ́ ọ, ìgbà tó máa gbọ́ ọ, àti iye wákàtí tó ní láti fi dáhùn. Tí gbogbo wọn bá wà nínú ọ́fíìsì kan náà, ìwé yìí kì í ju ojú ewé kan lọ, àwọn míì ò tiẹ̀ ní kọ ọ́ rárá, torí ẹni tó bá ní ìbéèrè á kàn dìde lọ bá ẹnìkejì ẹ̀ nídìí tábìlì ni. Àmọ́ tí àwọn kan bá wà l'Ékòó, àwọn kan ní Íńdíà, àwọn kan l'Ámẹ́ríkà, aago ló máa gba ibi tó pọ̀ jù nínú ìwé náà, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá ni iṣẹ́ tó ṣe é parí láìjẹ́ pé gbogbo èèyàn wà lójúfò lẹ́ẹ̀kan náà.

Wákàtí tí wọ́n jọ ní

Ká fi tíìmù sọ́fítíwíà kan ṣe àpẹẹrẹ, tó ní èèyàn ní ìlú mẹ́rin: Èkó, Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Hiúsítìn ní ìpínlẹ̀ Tẹ́sáàsì, àti Bẹngalúrù ní Íńdíà. Ká sọ pé aago 9 àárọ̀ sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ ni kálukú fi ń ṣiṣẹ́ nílùú tiẹ̀. Ohun tí ẹni tó ń ṣètò máa kọ́kọ́ ṣe ni pé kó kó gbogbo wákàtí yẹn sórí aago kan ṣoṣo, èyí tí gbogbo ayé sì ń lò fún irú ẹ̀ ni UTC, torí òun kì í yí padà látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin ọdún. Èkó fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC, Íńdíà fi wákàtí 5 àtààbọ̀ ṣíwájú ẹ̀, Hiúsítìn fi 6 wà lẹ́yìn lásìkò òtútù, Lọ́ńdọ́ọ̀nù sì bá a dọ́gba lásìkò òtútù yẹn náà.

Tí wọ́n bá tò ó báyìí ní Oṣù Kìíní, Èkó àti Bẹngalúrù á jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ láti aago 9 àárọ̀ sí 12:30 ọ̀sán aago Èkó. Èkó àti Hiúsítìn ní wákàtí kan péré, láti aago 4 sí aago 5 ìrọ̀lẹ́ l'Ékòó. Hiúsítìn àti Bẹngalúrù ò tiẹ̀ pàdé rárá, nítorí ìgbà tí àwọn ará Hiúsítìn bá fi máa jókòó sídìí iṣẹ́, aago 8:30 alẹ́ ti lù ní Bẹngalúrù. Kò wá sí wákàtí kankan tí ìlú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ ń ṣiṣẹ́.

Èyí gan-an ló ń sọ bí ètò náà ṣe máa rí. Èkó àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù ló wà láàárín, àwọn ni ọ̀rọ̀ máa ń gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá, torí náà ọ̀rọ̀ tó kan Íńdíà máa ń wà láàárọ̀ wọn, tí ti Amẹ́ríkà á wà nírọ̀lẹ́, ẹni tó bá sì wà láàárín yìí lè máa ṣe mítìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ láìráyè ṣe iṣẹ́ ẹ̀ gan-an tí ètò ò bá dáàbò bo ọ̀sán ẹ̀. Tó bá di dandan kí gbogbo wọn pàdé, ọgbọ́n tí wọ́n máa ń dá ni pé kí ìyà máa yí ká: lóṣù yìí mítìnì á wà ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ Èkó, tó jẹ́ 8:30 alẹ́ fún Bẹngalúrù, lóṣù tó ń bọ̀ á wà ní aago 1 ọ̀sán Èkó, tó jẹ́ aago 6 ìdájí fún Hiúsítìn àti 5:30 ìrọ̀lẹ́ fún Bẹngalúrù. Ẹgbẹ́ IETF tó ń ṣe òfin bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣe ohun tó jọ ọ́, wọ́n ń ṣe ìpàdé ńlá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, wọ́n sì máa ń gbé e kiri láàárín Àríwá Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Éṣíà.

Nígbà tí aago bá yí

Ibi tí ètò tó dáa pàápàá ti máa ń dà rú nìyí, lójú ẹni tó kọ èyí ó sì yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́. Nàìjíríà kì í yí aago, Íńdíà náà kì í yí i. Amẹ́ríkà máa ń fi wákàtí kan yí tiẹ̀ síwájú ní Sọ́ńdè kejì Oṣù Kẹta, á dá a padà ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ Oṣù Kọkànlá. Gẹ̀ẹ́sì ò tẹ̀ lé ìyẹn, Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn Oṣù Kẹta àti èyí tó gbẹ̀yìn Oṣù Kẹwàá ni tiwọn. Lọ́dún 2026, ọjọ́ 8 Oṣù Kẹta ni Amẹ́ríkà yí i, ọjọ́ 29 ni Gẹ̀ẹ́sì yí i, ìyẹn ni pé odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Hiúsítìn àti Lọ́ńdọ́ọ̀nù fi sún mọ́ra ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹ wò ó bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀. Mítìnì wà gbogbo Tọ́sìdeè, ẹni tó wà ní Hiúsítìn ló fi sórí kàlẹ́ńdà, aago 9 àárọ̀ tiẹ̀. Nínú Oṣù Kejì, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni l'Ékòó, aago 3 ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Tó bá di Tọ́sìdeè ọjọ́ 12 Oṣù Kẹta, mítìnì yẹn ti bọ́ sí aago 3 l'Ékòó àti aago 2 ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù, àmọ́ ẹni tó ti há aago 4 sórí l'Ékòó á jókòó sídìí Súùmù lásán, àwọn tó kù ti parí wọ́n ti lọ. Ní ọjọ́ 2 Oṣù Kẹrin, Lọ́ńdọ́ọ̀nù ti padà sí aago 3 ẹ̀, lójú tiwọn bíi pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, Èkó nìkan ló máa wà ní aago tuntun títí Oṣù Kẹwàá fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Tó bá jẹ́ pé aago Èkó ni wọ́n fi dì í mú ni, Hiúsítìn ló máa rí i pé mítìnì ti kúrò ní 9 ó ti di 10.

Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, ohun tó burú ni kí ètò má sọ ìlú tó ni aago mítìnì. Orúkọ agbègbè tí kọ̀ǹpútà mọ̀ ni kí wọ́n kọ síbẹ̀, bíi `Africa/Lagos` tàbí `America/Chicago` (Hiúsítìn ń lo aago Ṣìkágò), kí wọ́n má kọ lẹ́tà mẹ́ta mẹ́ta bíi `CST`, torí Ṣáínà náà ń lò ó, `IST` sì lè jẹ́ Íńdíà, Ísírẹ́lì tàbí Áyálándì. Ẹni tó bá ń lo Línọ́ọ̀sì lè béèrè pé aago 4 ìrọ̀lẹ́ Èkó lọ́jọ́ yẹn jẹ́ aago mélòó ní Hiúsítìn:

```
TZ="America/Chicago" date -d "2026-03-12 16:00 +0100"
```

Aago 10 àárọ̀ ló máa fún un. Tó bá fi ọjọ́ 5 Oṣù Kẹta dípò ẹ̀, aago 9 ni.

Ìpinnu láìsí mítìnì

Àpẹẹrẹ tó wúlò jù nínú èyí ni ti Àjọ Sọ́fítíwíà Àpáṣì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, tí àwọn tó ń bá wọn kọ sọ́fítíwíà wà káàkiri ayé, tí púpọ̀ nínú wọn ò tíì fojú kan ara wọn rí. Lọ́dọ̀ wọn, orí ímeèlì tí gbogbo ẹgbẹ́ ń rí ni ọ̀rọ̀ ti ń di ìpinnu, ohun tí ẹni méjì bá sọ lórí fóònù ò tíì ṣẹlẹ̀ títí wọ́n á fi kọ ọ́ síbẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ dìbò lórí nǹkan, ìbò náà máa ń wà ní ṣíṣí fún wákàtí 72 ó kéré tán, kí ẹni tó ń sùn, ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ àti ẹni tí iná ò sí lọ́dọ̀ ẹ̀ lè ráyè kà á. Kí wọ́n tó gbé sọ́fítíwíà jáde, ó kéré tán èèyàn mẹ́ta nínú àwọn tí ìbò wọn lágbára gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, àwọn tó fọwọ́ sí i sì gbọ́dọ̀ pọ̀ ju àwọn tó kọ̀ lọ.

Fún ọ̀rọ̀ kéékèèké wọ́n máa ń gbà pé ẹni tó dákẹ́ ti gbà. Tíìmù tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ lè yá èyí lò, kó sì dín wákàtí náà kù sí 24 tàbí 48, ṣùgbọ́n ibi tó ti ń já ni Fúráìdè. Ẹni tó bá gbé àbá kalẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́ Fúráìdè l'Ékòó tó ní wákàtí 24 ni wọ́n ní, aago 8:30 alẹ́ ló bá àwọn ará Bẹngalúrù, wọn ò ní wọlé mọ́ títí Mọ́ńdè, ìdákẹ́ wọn ò sì túmọ̀ sí nǹkan kan. Torí náà àbá gbọ́dọ̀ gbé ọjọ́ àti aago tó máa parí sára, ní UTC, bíi `Tue 2026-03-17 12:00 UTC`. Ohun tí kò ṣe é dá padà, bíi kí wọ́n pa dátà oníbàárà rẹ́, ìdákẹ́ ò gbọdọ̀ tó fún un, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn gbọ́dọ̀ fẹnu ara ẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Fífa iṣẹ́ lé ẹlòmíì lọ́wọ́

Yorùbá kì í ṣàdédé béèrè nǹkan láìkí èèyàn, ó dáa, àmọ́ ó ń jẹ ọjọ́ lórí aago tó jìnnà. Ẹni tó wà l'Ékòó bá kọ "Ẹ káàárọ̀ ma, ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan" ní aago 10 àárọ̀ Túsìdeè, ó wá dákẹ́ ó ń dúró kí wọ́n dáhùn. Aago 3 òru ni ní Hiúsítìn. Wọ́n jí, wọ́n ráyè dáhùn ní aago 10 àárọ̀ tiwọn pé "Káàárọ̀ o, kí ni?", ó ti di aago 5 l'Ékòó, onítọ̀hún ti wà nínú gosiló. Àárọ̀ Wẹ́sìdeè ló máa tó béèrè ohun tó fẹ́ béèrè, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ló máa rí èsì. Kí ìkíni àti ìbéèrè jọ wà nínú ìránṣẹ́ kan náà ni ètò máa ń sọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí ẹni tó ń lọ sílé ń kọ fún ẹni tó ń wọlé. Ó máa ń sọ ohun tó ti ṣe, ibi tó dé, ohun tó kù àti ohun tí wọn ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ojú ewé ìsanwó ṣì ń fà. Mo ti yẹ dátábéèsì wò, kì í ṣe ibẹ̀. Ó ku káàdì tí wọ́n gbé jáde l'Ámẹ́ríkà, mi ò ní irú ẹ̀ níbí, ẹ bá mi fi tiyín dán an wò. Ẹ má tíì fọwọ́ kan sáfà kejì títí `20:00 UTC`, bákọ́ọ̀pù ń lọ lórí ẹ̀. Gbogbo ohun tí mo rí wà nínú `handover/2026-03-12`. Tó bá kú pátápátá, ẹ pe fóònù mi, ẹ má fi Wásáàpù ṣe."

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìwé yìí ń ṣiṣẹ́ ni pé kí wọ́n wo ohun tí ẹni tó gbà á kọ́kọ́ ṣe. Tó bá jẹ́ ìbéèrè ló kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ padà, ìwé ò pé, nítorí ẹni tó máa dáhùn ti ń lọ sùn.

Pàjáwìrì àti ọjọ́ ìsinmi

Fún pàjáwìrì, fóònù ni, kì í ṣe ìránṣẹ́. Orúkọ ẹni tó wà lójúfò lọ́sẹ̀ yẹn àti ti ẹni tí wọ́n máa pè tí ẹni àkọ́kọ́ ò bá gbé e gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí gbogbo èèyàn lè rí.

Ọjọ́ ìsinmi orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan náà máa ń wà lórí kàlẹ́ńdà kan ṣoṣo: Íńdíà kì í ṣiṣẹ́ ní 26 Oṣù Kìíní àti 15 Oṣù Kẹjọ, Nàìjíríà ní 1 Oṣù Kẹwàá, Amẹ́ríkà ní 4 Oṣù Keje. Ọdún Ìtúnu Àwẹ̀ àti Iléyá ò rí bẹ́ẹ̀. Òṣùpá ni wọ́n ń wò, ìjọba àpapọ̀ ní Nàìjíríà sì máa ń kéde ọjọ́ ìsinmi nígbà tó bá ti kù díẹ̀, nígbà míì wọ́n tún máa ń fi ọjọ́ kan kún un, torí náà àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe kì í fi ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde sí ọjọ́ méjì ṣáájú rẹ̀ tàbí ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀.