Kí ẹ tó pe bíríkìlà sí ilé amọ̀ àtijọ́

Alhaja kan tó ń ta aṣọ ní Sáríà ránṣẹ́ pè mí ní oṣù Kejìlá. Ilé amọ̀ tí bàbá ọkọ wọn rà lọ́wọ́ àwọn Haúsá ti ń wó. Wọ́n ní, "Ẹ̀ńjíníà, ẹ bá mi tún un ṣe kó rí bíi ti àtijọ́." Mo ní, "Àtijọ́ wo, mà?" Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn, ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn gan-an ni gbogbo iṣẹ́ wa.

Ìtọ́jú ni a ń pe gbogbo ohun tí a bá ṣe kí ilé àtijọ́ má bàa parun, abẹ́ rẹ̀ sì ni oríṣi iṣẹ́ mẹ́ta wà. Tí a bá kàn dá a dúró bí a ṣe bá a, ìpamọ́ nìyẹn. Tí a bá yọ ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn kúrò, tàbí tí a to ohun tó ti já bọ́ padà sí àyè rẹ̀, ìdápadàsípò ni. Tí ohun èlò tuntun bá ti wọ̀ ọ́ láti dá ohun tó ti lọ padà, àtúnkọ́ ni. Ilé kan ṣoṣo lè gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bí ilé Alhaja ṣe gbà á.

Ògiri iwájú ló ń kọ wọ́n lóminú jù. Àwọn ọmọ ilé ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n rò pé òjò ò ní rí i mú mọ́. Mo fi ìka kan án, ó dún bí igbá òfìfo: sìmẹ́ńtì náà ti ṣí kúrò lára amọ̀. Amọ̀ máa ń fa omi, ó sì máa ń tú u sáfẹ́fẹ́. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kó tú u dáadáa. Òjò gba ibi tó là wọlé, kò rọ́nà jáde, ìsàlẹ̀ ògiri sì rọ̀ bí ẹ̀kọ. (Mi ò bá sìmẹ́ńtì jà o, òun ni wọ́n fi kọ́ ilé tí mò ń gbé.)

Ibẹ̀ gba ìdápadàsípò, nítorí amọ̀ tòótọ́ ṣì wà lábẹ́. A kọ́kọ́ tún ọ̀pá tó ń da omi òrùlé jìnnà sí ògiri ṣe. Bí a ò bá ṣe ìyẹn, asán ni ìyókù. Lẹ́yìn náà a bó sìmẹ́ńtì náà díẹ̀díẹ̀, a fi igi ti ibi tó wú, a sì jẹ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn gbẹ ẹ́. Àwọn ọ̀mọ̀lé po amọ̀ mọ́ koríko gígé, wọ́n fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan, wọ́n sì fọwọ́ rẹ́ ẹ. Omi tí wọ́n rẹ èèpo èso igi tó ń so irú sí, èyí tí Haúsá ń pè ní màkúbà, ni wọ́n fi pa á lójú. Òjò yóò máa fọ amọ̀ yẹn lọ, wọn yóò sì máa tún un rẹ́. Bí ilé náà ṣe ń gbé ayé nìyẹn, kì í ṣe àtúnkọ́.

Yàrá inú ńkọ́? Igi àjà rẹ̀, asárà tí ikán kì í tètè jẹ, le koko, èéfín ọjọ́ pípẹ́ ti sọ ọ́ di dúdú. Alhaja fẹ́ kun ún ní funfun. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìpamọ́ ló tọ́ síbẹ̀, torí èéfín yẹn ló ń sọ pé wọ́n ti dáná níbẹ̀ rí.

Yàrá ẹnu ọ̀nà ni mo rò jù, nítorí ìdajì rẹ̀ ti wó. Ó rọrùn láti fi ìméfò kọ́ irú rẹ̀, mo sì ti jìn sí kòtò yẹn rí: nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo fi ìwo amọ̀ sórí ẹnu ọ̀nà ilé kan torí pé ilé àwọn aládùúgbò ní in. Lẹ́yìn ọdún kan ni fọ́tò àtijọ́ jáde, kò sí ìwo kankan níbẹ̀. Irọ́ ni mo kọ́. Ìwé àdéhùn Fẹ́nísì ti 1964, tó jẹ́ ìlànà àwọn olùtọ́jú ilé àtijọ́ káàkiri ayé, ti sọ ọ́: ibi tí ìméfò bá ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdápadàsípò gbọ́dọ̀ dúró.

Ní ti Alhaja, ẹ̀rí wà. Kùkùté ògiri tó kù ga dé orókún, ó fi bí ògiri ṣe nípọn àti ibi tó gbà hàn wá. Ìdajì tó dúró fi gíga hàn. Fọ́tò ìgbéyàwó kan sì fi ojú ìta hàn. A fi túbálì, bíríkì amọ̀ tó rí ṣóńṣó, kọ́ ọ padà: àtúnkọ́ nìyẹn.

Àbúrò ọkọ wọn wá ní yàrá kan wà lókè nígbà tóun wà lọ́mọdé. Kò sí àpá àtẹ̀gùn, kò sí ojú ihò igi lára ògiri. Mo kọ̀. Ó ní, "Ṣebí wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí Sáríà sí Jọ́ọ̀sì?" Òótọ́ ni: mọ́ṣáláṣí tí ọ̀mọ̀lé Haúsá, Babban Gwani, kọ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ní ẹ̀dà ní ọgbà mùsíọ̀mù Jọ́ọ̀sì, lábẹ́ iṣẹ́ Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán ilé ará Póláǹdì. Ṣùgbọ́n Dmochowski ti wọn ilé àtijọ́ kiri, ó yà wọ́n sórí ìwé, kò sì sẹ́ni tó dé Jọ́ọ̀sì tó máa rò pé ti Sáríà gan-an lòún ń wò.

A fín ọdún tí a ṣiṣẹ́ sára túbálì kan nínú yàrá ẹnu ọ̀nà, ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, kí ẹni tó bá tún un ṣe lẹ́yìn wa lè mọ ibi tí tiwa ti bẹ̀rẹ̀.