Ta Ló Ń Sọ̀rọ̀ Nínú "Nípa Mi"?

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Yábàá ni pé mo máa ń bá àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń há ni abala "Nípa Mi", èyí tí LinkedIn ń pè ní About. Wọn kì í mọ̀ bóyá kí wọ́n kọ ọ́ bíi pé àwọn fúnra wọn ló ń sọ̀rọ̀, "mo ṣe báyìí", tàbí bíi pé ẹlòmíràn ló ń ròyìn wọn, "ó ṣe báyìí". Àwọn onígírámà ń pe àkọ́kọ́ ní ẹni kìíní, wọ́n sì ń pe èkejì ní ẹni kẹta. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ wò ni ẹnu tí ọ̀rọ̀ náà máa ti jáde. Bó bá jẹ́ pé alága ètò kan ló máa kà á sétígbọ̀ọ́ àwùjọ kí ẹ tó dìde sọ̀rọ̀, ẹni kẹta ló yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó wá sójú ìwé yín fúnra rẹ̀ nítorí ó ń wá ẹni tó máa bá a ṣiṣẹ́, ẹ̀yin ló wá bá. Ẹ̀yin ló yẹ kó bá nílé.

Oníṣirò owó kan ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta fi èyí yé mi dáadáa. Àwọn tó ń tajà ní Balógun àti Tejúoṣó ni oníbàárà rẹ̀, ó sì kọ ojú ìwé rẹ̀ ní Yorùbá nítorí tiwọn. Àwọn èèyàn ń rí i, wọ́n ń wò ó, ṣùgbọ́n àwọn tó ń pè kò pọ̀. Àwọn tó sì pè, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé akọ̀wé wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀?" Bí ẹ bá ń gbọ́ irú ìbéèrè yìí lóòrèkóòrè, ẹ lọ wo ohun tí ẹ kọ. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí, mo kàn fi Lágbájá rọ́pò orúkọ rẹ̀ ni:

"Ìyáàfin Lágbájá jẹ́ ògbóǹtarìgì oníṣirò owó tó dáńtọ́. Wọ́n jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ICAN, wọ́n sì ní ìrírí tó jinlẹ̀ nínú ètò owó orí. Wọ́n ti ran àìmọye ilé iṣẹ́ lọ́wọ́."

Kò sí irọ́ kankan nínú rẹ̀, ICAN sì ni ẹgbẹ́ àwọn oníṣirò owó ní Nàìjíríà. Àmọ́ nínú èdè wa, ẹni tó bá kọ̀wé nípa ara rẹ̀ bí ẹni kẹta bọ́ sínú ìṣòro kan lójú ẹsẹ̀. Bó bá kọ "ó", ó dà bíi pé àgbà kan ń ròyìn ọmọdé. Bó bá kọ "wọ́n", ó ń bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀, nítorí náà òǹkàwé á gbà pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ìyàwó ilé tó ń ta aṣọ-òkè kà á, ó sì rò pé ìyá ńlá kan wà nínú ọ́fíìsì lọ́hùn-ún, pé ọmọ iṣẹ́ ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àti pé owó kékeré kọ́ ni wọ́n á gbà. Ó pa fóònù dé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé àtúnṣe rẹ̀ kò ju kí a fi "mo" rọ́pò "wọ́n". Ẹ dán an wò: "Mo jẹ́ ògbóǹtarìgì oníṣirò owó tó dáńtọ́, mo sì ní ìrírí tó jinlẹ̀." Ó ti di fáàrí. Ẹnu ẹlòmíràn ni ìyìn ti ń dùn gbọ́. Ẹni kẹta ń gbé ọ̀rọ̀ ìyìn nítorí ó dà bíi pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́. Ẹni kìíní kò lè gbé e. Nítorí náà, bí ẹ bá ti mú "mo", ẹ gbọ́dọ̀ yọ "dáńtọ́" àti "jinlẹ̀" kúrò, kí ẹ fi iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe gan-an sí ipò wọn. A jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, a fi LIRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Èkó, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, títí ó fi di èyí:

"Ṣé ìwé láti ọ̀dọ̀ LIRS ti dé ṣọ́ọ̀bù yín, tí ẹ kò sì mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀? Èmi ni Lágbájá, oníṣirò owó ni mí ní Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Àwọn tó ń tajà ní Balógun àti Tejúoṣó ni mò ń bá ṣiṣẹ́ jù. Ẹ kó rìsíìtì yín wá bó ṣe wà, kódà bó jẹ́ inú ọ̀rá ló wà. Màá tò ó, màá ṣírò owó orí yín, màá sì bá yín kọ ìwé ọdọọdún tó gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ LIRS kí ọjọ́ 31 oṣù Kẹta tó kọjá. Ọmọ ẹgbẹ́ ICAN ni mí. Ẹ pè mí. Èmi fúnra mi ni mo máa ń dáhùn."

Ẹ kíyè sí i pé "mo" kọ́ ló ṣíwájú. Bí gbólóhùn mẹ́rin bá tò tẹ̀léra tí gbogbo wọn ń fi "mo" bẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà á tún padà di ìròyìn ara ẹni. Oníbàárà la fi síwájú, pẹ̀lú ohun tó ń kó o lọ́kàn sókè. Gbólóhùn tó sì ṣiṣẹ́ jù lójú tèmi ni ti rìsíìtì inú ọ̀rá. Ìtìjú ló ń dá ọ̀pọ̀ oníṣòwò dúró: ìwé wọn kò létò, wọn kò sì fẹ́ kí ọ̀mọ̀wé kan rí i. Gbólóhùn yẹn mú ìtìjú náà kúrò láìsọ pé "ọlọ́yàyà ni mí". Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ "ọlọ́yàyà" mú gba ìpè rí.

Ọ̀yàyà náà ní ìwọ̀n. Oníṣirò owó náà fẹ́ kí á fi kún un pé "ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí wàhálà kankan!" Mo ní rárá. Ọ̀rọ̀ owó àti ìjọba nìyí. Ẹni tó bá ṣèlérí pé wàhálà kò ní sí, ojú ayédèrú ni oníṣòwò Èkó á fi wò ó. Ìdí nìyẹn tí ICAN fi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan, ní kúkúrú, lẹ́yìn tí oníbàárà ti rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ náà. "Ẹ" la sì lò títí dé òpin. Kódà bí ọ̀dọ́ ni ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀, "o" láti ọ̀dọ̀ àjèjì tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ ẹni máa ń gún ni létí.

Ọ̀nà kẹta wà tí àwọn tó ń dá ṣiṣẹ́ fẹ́ràn: "a". "A ń rán aṣọ, a ń gbé e délé." Ó mú kí iṣẹ́ náà tóbi lójú, ṣùgbọ́n oníbàárà kò ní mọ orúkọ ẹni tó máa béèrè. Ẹ fi "a" sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá ti ju ẹyọ kan lọ níbi iṣẹ́. Nígbà náà, ilé iṣẹ́ lè sọ̀rọ̀ pẹ̀lú "a", kí a sì ròyìn òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan bí ẹni kẹta lábẹ́ rẹ̀.

Ní ti gígùn, About orí LinkedIn gba lẹ́tà 2,600, àmọ́ ìlà díẹ̀ péré ló ń hàn kí èèyàn tó tẹ "see more". Nítorí náà, ìbéèrè nípa ìwé LIRS ni kó wà lókè, kì í ṣe ICAN. Lẹ́tà 150 péré ni Instagram ń fúnni, ibẹ̀ kò nílò "mo" tàbí "ó" rárá: "Oníṣirò owó, Ẹ̀bùté Mẹ́ta. Owó orí fún oníṣọ́ọ̀bù. Ẹ pè mí." tó.

Kí ẹ sì tọ́jú ti ẹni kẹta sínú fóònù yín fún ọjọ́ tí wọ́n bá pè yín sí ètò. Níbẹ̀, "wọ́n" dára, ìrírí àti oyè yín sì lè gùn díẹ̀. Ẹ má kàn gé apá kan nínú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ti ojú ìwé yín nígbà tí ẹ bá gba oyè tuntun. Ibẹ̀ ni "mo" àti "wọ́n" ti sábà máa ń dàpọ̀. Ẹ fún ẹlòmíràn kó kà á sókè fún yín, ibi tó bá ti dúró béèrè pé "ta wá ni wọ́n yìí?" ni kí ẹ tún kọ.